Ìkéde: Fífi Ìdámẹ́wàá àti Ọrẹ Ránṣẹ́ Láti Báńkì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ìgbìmọ̀ Ìjọ Bẹ́tẹ́lì, Mọ́níyà, ní kí n sọ fún yín pé láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìdámẹ́wàá, ọrẹ tàbí ọrẹ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ tààrà sínú àkáǹtì ìjọ. Àpótí ọrẹ kò kúrò níwájú pẹpẹ o. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tó wù kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé e wá, ẹ máa gbé e bọ̀ bí ẹ ti ń ṣe.

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń béèrè fún un. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí owó bébà dàwátì: ọ̀pọ̀ nínú wa lówó ní báńkì, wọn ò rí i gbà jáde. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Àbújá náà ò ní máa wá ẹni tí wọ́n máa fi owó rán mọ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. A kò ní ka nọ́ńbà àkáǹtì náà lórí pẹpẹ, a kò sì ní fi í sórí Wásáàpù. Ibi méjì péré ló wà: ara pátákó ìkéde lẹ́nu ọ́fíìsì ìjọ, àti ẹ̀yìn àpòòwé ìdámẹ́wàá tuntun. Nọ́ńbà yòówù tó bá wọ fóònù yín, kódà kó jẹ́ àwòrán Pásítọ̀ ló wà lára rẹ̀, kódà kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn tó jọ tiwọn, kì í ṣe ti ìjọ. Pásítọ̀ kò ní ní kẹ́ ẹ san ìdámẹ́wàá sínú àkáǹtì tiwọn. Akápò náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ yí àkáǹtì padà, orí pẹpẹ la ti máa sọ ọ́, ọjọ́ Ìsinmi méjì léraléra, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, inú áàpù báńkì tiyín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, tàbí kóòdù báńkì yín. Ẹ má ṣe tẹ líǹkì kankan. Ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ máa kà á ní méjì-méjì bẹ́ ẹ ti ń wo àpòòwé, kẹ́ ẹ wá mú orúkọ báńkì tó wà níbẹ̀. Ẹ dúró kí orúkọ àkáǹtì jáde. Ohun tó gbọ́dọ̀ hàn ni BETHEL CHURCH MONIYA. Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn lẹ rí, kódà kó jẹ́ ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ wá bá wa. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi ₦100 péré ránṣẹ́, kí akápò bá yín wò ó bóyá ó wọlé, kẹ́ ẹ tó fi ìyókù ránṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ ìdí owó, ẹ kọ "Idamewaa" tàbí "Ore" pẹ̀lú nọ́ńbà àpòòwé yín.

Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ yín tí ẹ ò rí ìdáhùn, ẹ má sáré fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ wo iye tó kù ní àkáǹtì yín, kẹ́ ẹ pe báńkì lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Bó bá sì ṣì lọ sí àkáǹtì ẹlòmíràn, báńkì yín náà ni kẹ́ ẹ tètè pè. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gbà á padà lórí fóònù, olè ni.

PIN yín, OTP tó wọlé sórí fóònù, BVN yín: kò sí òṣìṣẹ́ ìjọ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá àwọn ìyá wa tẹ fóònù, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ yíjú kúrò nígbà tí Mama bá ń tẹ PIN.

Àwòrán rìsíìtì kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa, nítorí ó rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akápò pẹ̀lú àwọn méjì tí ìjọ yàn máa jókòó ti àkọsílẹ̀ báńkì. Pọ́ọ̀lù pàápàá kò dá gbé owó àwọn ará lọ sí Jerúsálẹ́mù. A kò ní ka iye tí ẹnikẹ́ni san síta.

Lẹ́yìn ìsìn òní, akápò wà nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ lọ gba àpòòwé tuntun níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá ti àtijọ́ padà.

Akọ̀wé Ìjọ