Ìròyìn Lórí Ènìyàn Márùn-ún Tó Há Sínú Lífíìtì Ilé Wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta

Sí: Alábòójútó Ilé
Láti ọwọ́: Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀rọ
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ènìyàn márùn-ún há sínú lífíìtì kan ṣoṣo tó wà nínú ilé yìí fún ìṣẹ́jú 52, láti aago 4:37 títí di aago 5:29. Gbogbo wọn jáde láyọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí mo rí ni pé àléébù tó wà lára ẹ̀rọ kò tó nǹkan. Àìmúrasílẹ̀ tiwa ló fà á gùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ mẹ́ta láti iléeṣẹ́ ìṣirò owó tó wà ní àjà kẹta, bàbá arúgbó kan tó ń lọ rí agbẹjọ́rò rẹ̀ ní àjà kẹrin, àti ọmọ-ọmọ bàbá náà, ọmọdébìnrin tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Lífíìtì náà gba ènìyàn mẹ́jọ, tàbí ìwúwo kílógíráàmù 630, nítorí náà wọn kò pọ̀ jù fún un. Òjò ti ń ṣú láti nǹkan bí aago mẹ́rin. Bí ìjì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni iná ìjọba lọ, lífíìtì sì dúró láàárín àjà kejì àti ìkẹta.

Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, jẹnẹrétọ̀ gbé iná, iná sì tàn ní gbogbo ọ́fíìsì. Ìyẹn gan-an ló tan wá jẹ. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rò pé lífíìtì ti ń lọ bó ṣe ń lọ, kò sì sí ohun tó sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí aago ìkìlọ̀ tí àwọn tó wà nínú lífíìtì ń tẹ̀ kò dún rárá. Aago 4:43 ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní àjà kejì gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Òun ló sáré wá pè mí, ọpẹ́ sì yẹ ẹ́.

Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn lífíìtì ní àjà kejì ní aago 4:46, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìta. Inú ṣókùnkùn, nítorí gílóòbù pàjáwìrì kò tàn. Iná fóònù ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti fi ọwọ́ ya ilẹ̀kùn inú díẹ̀, ó sì fẹ́ máa bẹ́ jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ilẹ̀ àpótí lífíìtì fi bíi mítà kan ga ju ilẹ̀ àjà kejì lọ, àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì já tààrà sí ìsàlẹ̀ ihò lífíìtì. Ẹni tó bá bẹ́ síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo tún ṣàlàyé fún wọn pé afẹ́fẹ́ kò ní tán, nítorí àpótí náà ní ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àti pé kò lè já lulẹ̀. Sípíríìngì ló ń fún bíréèkì lífíìtì pa, iná ló sì ń tú u sílẹ̀, nítorí náà bí iná bá lọ, ṣe ni bíréèkì á di gbogbo rẹ̀ mú gbọin-gbọin. Bàbá náà dáhùn láti inú pé òun gun Òkè Olúmọ ní kékeré, òun kò sì há síbẹ̀ rí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé kò sí níbi tí a máa ń fi kọ́. Ó wà lápò ọmọọṣẹ́ mi, tí mo rán lọ sí Láfẹ́nwá láti ra wáyà. Òjò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kó tètè dé, aago 5:12 ni a tó rí i. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kejì. Mo ti pe iléeṣẹ́ panápaná ní aago 4:55, wọ́n sì dé ní kété tí a yọ àwọn ènìyàn náà tán. Wọ́n yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí a wọ yàrá ẹ̀rọ, iṣẹ́ náà kò pẹ́. A kọ́kọ́ pa iná lífíìtì láti ojú ṣúìṣì ńlá rẹ̀, kó má baà ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wa wà lára ẹ̀rọ. Ọmọọṣẹ́ mi ń tú bíréèkì díẹ̀díẹ̀, èmi ń yí àgbá ọwọ́, ẹ̀ṣọ́ kan sì dúró ní àjà kejì pẹ̀lú fóònù, ó ń sọ ibi tí àpótí dé. Irin ìwúwo tó wà ní ìdàkejì okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àpótí àti àwọn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ dọ́gba, ìdí nìyí tí àpótí kò fi sọ̀ fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé a ní láti fi agbára yí i. Aago 5:29 ni ilẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ àjà kejì dọ́gba, a sì fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ṣí i.

Bàbá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A fún un ní àga àti omi, ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo pè é láàárọ̀ yìí, ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ lífíìtì dé láàárọ̀ yìí. Ó ní ọ̀kan nínú ojú ìfọwọ́kan mẹ́ta inú ṣéńjóófà ti jóná, tí ó fi jẹ́ pé féèsì méjì péré ni jẹnẹrétọ̀ ń fún lífíìtì. Ẹ̀rọ ìdáàbòbò rẹ̀ rí i pé féèsì kò pé, ó sì kọ̀ láti gbéra, bó ṣe yẹ kó kọ̀. Gílóòbù àti ọ́fíìsì kò nílò ju féèsì kan lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tàn. Ohun tó yẹ kó gba àwọn ènìyàn náà là ni bátìrì ìgbàlà, tó máa ń gbé àpótí lọ sí àjà tó bá súnmọ́ jù bí iná bá lọ. Bátìrì mẹ́rin oní-fóltì 12 ni. Méjì ti wú. Bátìrì aago ìkìlọ̀ àti ti gílóòbù pàjáwìrì ti kú pátápátá. Ìwé tó dámọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ wọn wà nínú fáìlì wa láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mo ní kó dúró di ìgbà tí owó bá wọlé, n kò sì padà sí i mọ́.

Mo ti ti lífíìtì pa, mo sì bẹ̀ yín kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi pààrọ̀ ṣéńjóófà àti gbogbo bátìrì náà, tí a ó sì fi ènìyàn wò ó pẹ̀lú iná pípa lójú ara yín. Mo fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ mìíràn wà ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́, nínú àpótí onígíláàsì, kí wọ́n sì kọ́ ẹni méjì nínú ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí a ti ń yí àgbá ọwọ́, nítorí iṣẹ́ ẹnìkan kọ́. Kí nọ́ḿbà fóònù tí ẹnìkan á gbé wà nínú lífíìtì, kí ìkìlọ̀ inú rẹ̀ sì wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí bàbá yẹn sọ pé òun kò lè ka èyí tó wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní òun ń retí lẹ́tà ìtọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí; mo ti kọ ọ́, ó wà pẹ̀lú ìròyìn yìí. Kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ẹ̀rọ