Ìrántí lórí àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó ń retí ọwọ́ wa

A sàlámù alékúmù, ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ kọmití. A kú òjò náà, gbogbo Táńkè ló ti di ẹrẹ̀ láti àná.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yẹn ni mo bá dé o. Bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, mọ́kànlá ló ṣì wà nílẹ̀ tí ìbuwọ́lù ò tíì pé lórí ẹ̀, èyí tó pẹ́ jù ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ márùn-ún la jọ fẹnu kò sí pé fọ́ọ̀mù máa lò lọ́wọ́ ẹnì kan. Mi ò ní sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí o, kò sì pọn dandan, kálukú ṣáà ṣí tiẹ̀ wò lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì rìnrìn àjò, nẹ́tíwọ̀kì ò sì jẹ́ kí ó ṣí fún ẹlòmíì, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọn ò so ojú ìwé oníìdúró mọ́ ọn, ti ọ́fíìsì nìyẹn, wọ́n ti ń wá a.

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ilé ìwé ń wọlé ní Mọ́ńdè, owó ilé ìwé sì ni mẹ́fà nínú wọn fẹ́ fi san. Lánàá, ìyá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi pe ìrun Àìlà, pẹ̀lú káàdì ẹ̀ lọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ń béèrè pé "ṣé wọ́n ti rí i ṣe?" Akọ̀wé ní ó wà lọ́dọ̀ kọmití. Bá a ṣe máa máa dá wọn lóhùn náà nìyẹn, a ò ní dárúkọ ẹnì kankan fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè tó lù, kí akápò lè san owó láàárọ̀ Fúráìdè ká tó lọ Júmọ́à. Tí nǹkan kan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbà, kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀, ẹni tó ni ín á mọ ibi tó máa gbà, èyí tá a dákẹ́ sí yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nílé, kó fi tó mi létí lábẹ́lẹ̀, igbákejì ẹ̀ á bá a ṣe é.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣá: ẹni tó ti parí tiẹ̀, ẹ má kọ "èmi ti ṣe tèmi" síbí o, torí tí èèyàn mẹ́rin bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ti mọ ẹni tó kù nìyẹn 😀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ti bébà jù, ọ́fíìsì Taiwo ṣí di aago márùn-ún, inú fáìlì aláwọ̀ ewé ni àwọn fọ́ọ̀mù náà wà, lórí tábìlì akọ̀wé.