Ìwà Lẹ̀sìn: Kóńgò Ìrà, Kóńgò Ìtà

Fídíò ìṣẹ́jú méjì. Fóònù wà lóòró. Ohùn ẹnì kan, kò sí orin.

0:00
ÀWÒRÁN: Kóńgò ìrẹsì kan lórí tábìlì. Ọwọ́ gbá orí rẹ̀ pẹrẹsẹ.
OHÙN: Àsàláámù àléékúmù, ẹ̀yin ará. Ẹ wo kóńgò yìí. Ó kún, àbí kò kún?

0:10
ÀWÒRÁN: Ìrẹsì dà sínú abọ́. Inú kóńgò kọjú sí wa.
OHÙN: Ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi lù ú wọnú, tó fi wú sókè bí ìdí ìgò. Ẹlòmíì kì í lù ú. Páálí ló máa gé róbótó, tí á tẹ́ sísàlẹ̀. Orí ni oníbàárà ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo ìdí. Wọ́n á tún wá bu èènì díẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á sì máa dúpẹ́! Ohun tí ìdí gbà lọ ju èènì lọ.

0:40
ÀWÒRÁN: Wọ́n gbé kóńgò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́.
OHÙN: Èyí ni wọ́n fi ń ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n ti lu ìdí tirẹ̀ síta kó lè gbà sí i. Kóńgò ìrà nìyí, kóńgò ìtà nìyẹn. Àwọn àgbà ní, ìwà lẹ̀sìn, bí a bá ti hù ú sí ni í fi í gbe ni. Èèyàn kírun Àyìlá lásìkò, ó padà sí ìsọ̀, ó na ọwọ́ mú kóńgò ìtà. Ìrun yẹn ò tíì dé ìsọ̀.

1:05
Ọ̀RỌ̀ LÓJÚ FÍDÍÒ: Kùránì 83:1–3
OHÙN: Ọlọ́hun ní ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù: bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọn á gbà á kún, bí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn, wọn á dín in. Ṣé ẹ gbọ́? Kóńgò méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ànábì Ṣuaibu náà, nígbà tó pe àwọn ará Mádíyánà sí jíjọ́sìn fún Ọlọ́hun nìkan, òṣùwọ̀n ló mú lé e.

1:30
ÀWÒRÁN: Omi ń dà láti inú kóńgò kan sínú èkejì, ó ń ṣàn sílẹ̀.
OHÙN: Ẹ lè ti ra èyí tó wọnú láìmọ̀. Ẹ bu omi kún kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ dà á sínú tiyín. Bí omi bá dà nù, tiyín kéré. Ẹ má lù ú padà, kì í tẹ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ ra òmíì. Ní òpin Ràmàdáánì, sàáù kan, ìyẹn múdù mẹ́rin, ni sàká ìtúnu fún orí kọ̀ọ̀kan, kóńgò ìsọ̀ yín yìí sì làwọn aládùúgbò máa wá yá.

1:55
ÀWÒRÁN: Wọ́n dojú kóńgò dé.
OHÙN: Ẹ dojú tiyín dé báyìí, ká jọ wo ìdí rẹ̀.