Ìṣúná Oko Àgbàdo Wa ní Ìṣẹ́yìn fún Àkókò Òjò Àkọ́kọ́ Ọdún 2026

Sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn àti àbúrò mi ní Èkó, tí a jọ ni oko yìí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ní kí n ṣe, mo ti ṣe ìṣirò gbogbo owó tí oko àgbàdo hẹ́kítà 4 yóò gbà lọ́wọ́ wa, láti ìgbà tí a bá ti ṣánlẹ̀ títí tí àpò tó gbẹ fi máa dé ilé ìkẹ́rùsí wa nígboro Ìṣẹ́yìn. Iye owó tí mo kọ síbí ni iye tí mo bá lọ́jà àti lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ láàárín oṣù kìn-ín-ní, nítorí pé iye ti ọdún tó kọjá kò ṣe é gbára lé mọ́.

Kí n tó wọ inú ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé àpò 92 péré ni a kó lórí ilẹ̀ kan náà ní ọdún 2025, tí a sì ta á ní ₦38,000 lápò. Ohun méjì ló fà á tí kò fi pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ni katakata tí a bá ṣàdéhùn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ kó tó dé, bẹ́ẹ̀ la sì fi yúríà àpò kan péré sí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan nítorí pé owó ti tán lọ́wọ́ wa. Àpò 120 ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ọdún yìí, ìyẹn àpò 30 oníkílò 100 lórí hẹ́kítà kan. Mo gbà pé ọwọ́ wa lè tẹ̀ ẹ́ bí irúgbìn bá dára, bí ajílẹ̀ bá pé, tí a sì gbìn kí oṣù kẹrin tó parí.

Ilẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Owó ilẹ̀ tí a ń san fún ẹbí tó ni ín jẹ́ ₦20,000 lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn ₦80,000. Ṣíṣán igbó àti kíkó àgékù igi kúrò jẹ́ ₦120,000. Katakata yóò gba ₦55,000 lórí hẹ́kítà kan láti túlẹ̀, yóò sì tún gba ₦40,000 láti fọ́ ògúlùtu, èyí tó jẹ́ ₦220,000 àti ₦160,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦580,000. Onikatakata mìíràn ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àdéhùn wa sì ni pé ìdajì owó ni yóò gbà ṣáájú, yóò sì gba ìdajì yòókù lọ́jọ́ tó bá fọ́ ògúlùtu tán.

Irúgbìn háíbírídì ni mo fẹ́ kí a rà lọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ irúgbìn, kì í ṣe àgbàdo tí a ṣà nínú èyí tí a kórè. Àgbàdo háíbírídì tí a bá tún gbìn kì í so bí ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó irúgbìn fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná wa lọ́dọọdún. Kílò 20 ló tó hẹ́kítà kan bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sílẹ̀ láàárín poro méjì àti sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín ihò méjì, ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú igi àgbàdo kan. Èyí yóò fún wa ní nǹkan bí igi 53,000 lórí hẹ́kítà kan. Kílò 80 ní ₦2,800 jẹ́ ₦224,000.

Ajílẹ̀ ló gba owó jù lọ, òun náà ni mo sì mọ̀ pé ẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gé kúrò. Àpò NPK 15:15:15 mẹ́rin àti àpò yúríà méjì ni mo kọ fún hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, oníkílò 50 sì ni àpò kọ̀ọ̀kan. Àpò NPK 16 ní ₦48,000 jẹ́ ₦768,000. Àpò yúríà 8 ní ₦42,000 jẹ́ ₦336,000. Owó ọkọ̀ àpò 24 jẹ́ ₦24,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,128,000. Bí a bá wo ohun tó wà nínú àpò wọ̀nyí, kílò náítírójìn 76 ni ilẹ̀ hẹ́kítà kan yóò rí gbà: kílò 30 láti inú NPK, nítorí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítírójìn, àti kílò 46 láti inú yúríà, tí tirẹ̀ jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yìí kò tó ohun tí àwọn amòye ń dámọ̀ràn fún ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa, àmọ́ òun ni apá wa ká. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín ohun tí gígé rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí a bá dín yúríà kù sí àpò kan lórí hẹ́kítà kan bíi ti èṣí, ₦168,000 ni yóò kù sí wa lọ́wọ́. Tí a bá ta àpò àgbàdo kan ní ₦38,000, tí a sì yọ ₦3,600 tí àpò kọ̀ọ̀kan ń ná wa lẹ́yìn ìkórè fún yíyọ ọkà, àpò tuntun àti owó ọkọ̀, ₦34,400 ni yóò kù. Nítorí náà, bí àìtó yúríà bá jẹ́ kí àpò 5 péré dín nínú 120, gbogbo ohun tí a rò pé a fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé ohun tí a pàdánù ní èṣí ju àpò 5 lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fọwọ́ kan apá yìí.

NPK ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù, yúríà yóò sì tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. A ó gbẹ́ ihò fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbàdo, a ó sì bò ó, nítorí pé yúríà tó bá wà lójú ilẹ̀ gbígbóná máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí iye òṣìṣẹ́ tí mo kọ fún fífi ajílẹ̀ sílẹ̀ fi pọ̀ díẹ̀.

Ní ti oògùn, àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko átírásíìnì láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, nítorí náà a kò ní lò ó mọ́, bí àwọn kan tilẹ̀ ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀. Pẹndimẹ́tálììnì lítà 12 ní ₦9,000 ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ó jẹ́ ₦108,000. Kòkòrò ajẹwé tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, tí ń wọ inú ọ̀mùnú àgbàdo, kò tíì fi agbègbè wa sílẹ̀. Mo kọ ₦96,000 fún oògùn rẹ̀, kí a lè fín in lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ oògùn jẹ́ ₦204,000.

Owó òṣìṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn báyìí jẹ́ ₦6,000 lóòjọ́ fún ẹnì kan. Gbígbìn yóò gba iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ènìyàn 20, ó jẹ́ ₦120,000. Oko ríro lẹ́ẹ̀kan yóò gba ènìyàn 40, ó jẹ́ ₦240,000. Fífi ajílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò gba ènìyàn 32, ó jẹ́ ₦192,000. Owó àwọn tí yóò fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ ₦96,000, oúnjẹ àwọn ènìyàn 92 yòókù sì jẹ́ ₦92,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦740,000.

Ìkórè yóò bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Yíya àgbàdo pẹ̀lú oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦224,000. Ẹ̀rọ tí ń yọ ọkà kúrò lára ṣùkù ń gba ₦1,500 lórí àpò kan, ó jẹ́ ₦180,000. Àpò tuntun 120 jẹ́ ₦72,000. Owó ọkọ̀ láti oko dé ìgboro jẹ́ ₦180,000. Mo fi tàpólì 4 kún un ní ₦88,000, nítorí pé orí ilẹ̀ lásán la sá àgbàdo sí ní èṣí, tí àwọn oníbàárà sì fi òkúta inú rẹ̀ dínwó. Àròpọ̀ ìkórè jẹ́ ₦744,000.

Àkópọ̀ rẹ̀ nìyí:

| Ohun tí a ó náwó lé | Iye |
|---|---|
| Ilẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ | ₦580,000 |
| Irúgbìn | ₦224,000 |
| Ajílẹ̀ | ₦1,128,000 |
| Oògùn | ₦204,000 |
| Òṣìṣẹ́ | ₦740,000 |
| Ìkórè | ₦744,000 |
| Owó àìròtẹ́lẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún | ₦181,000 |
| Èlé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù | ₦99,000 |
| Gbogbo rẹ̀ | ₦3,900,000 |

Bí a bá pín ₦3,900,000 sí ọ̀nà 120, ojú owó àpò kan jẹ́ ₦32,500. Ẹni tó bá ra àpò ní iye yìí kò jẹ́ kí a jèrè, kò sì jẹ́ kí a pàdánù. Ṣùgbọ́n ojú owó yìí kì í dúró sójú kan. Nínú gbogbo ìnáwó wa, ₦3,600 lórí àpò kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ń bá iye àpò pọ̀ sí i tàbí dín kù, ìyẹn ₦432,000 fún àpò 120. ₦3,468,000 yòókù ni a ó ná, yálà oko so tàbí kò so. Bí a bá kó àpò 140, ojú owó yóò wá sílẹ̀ sí ₦28,371. Bí a bá kó àpò 100, yóò di ₦38,280. Bí a bá sì kó àpò 92 bíi ti èṣí, yóò di ₦41,296, a ó sì pàdánù ohun tó ju ₦300,000 lọ bí ọjà bá dúró ní ₦38,000. Ní iye ọjà yẹn, àpò 101 ni a gbọ́dọ̀ kó kí owó wa tó padà sílé.

Àpò tí mo ń sọ yìí jẹ́ kílò 100 tó ti gbẹ dé ibi tí omi inú ọkà kò ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí omi inú rẹ̀ bá ṣì wà ní ìdá 20, àpò 130 àti ààbọ̀ ló máa gbẹ di 120. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí àgbàdo náà lórí tàpólì, kó má ṣe tíì ka iye àpò. Bákan náà, bí a bá gbé àpò 5 lọ sílé fún oúnjẹ, àpò 115 ni yóò ru gbogbo ìnáwó, ojú owó yóò sì di ₦33,913. Mo rọ̀ wá pé kí ẹni tó bá gbé àpò san ojú owó rẹ̀.

N kò tíì dá owó lé àbójútó tèmi. Bí ẹ bá gbà kí n máa gba ₦30,000 lóṣù fún oṣù márùn-ún, ìnáwó yóò di ₦4,050,000, ojú owó yóò sì di ₦33,750. Mo fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láti pinnu.

Lórí owó tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti gbà láti yá wa ní ₦1,980,000 ní oṣù kẹrin, tí a ó dá padà pẹ̀lú èlé lẹ́yìn títà. Ìyókù jẹ́ ₦1,821,000, èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ₦607,000. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀, ra irúgbìn àti oògùn, kí n sì ra NPK kó tó wọ́n. Mo ti san tèmi sínú àpò ìfowópamọ́ oko. Kí tiyín jọ̀wọ́ wọlé kí oṣù kejì tó parí, nítorí pé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ni onikatakata fún mi.