Ẹ̀yin oníbàárà wa, ibi tí ẹ ó ti máa rí ọjà tuntun nìyí

Ẹ kú ọjà o. Léèsì aláwọ̀ ewé tó dé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Balógun lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tán kí ọ̀pọ̀ yín tó gbọ́, ẹ sì ń bínú sí wa.

Ẹ ṣí Instagram, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kí ẹ kọ iyaibeji_alaso_balogun. Gèlè pupa ló wà lójú péèjì wa. Èyí tí kò bá ní gèlè pupa kì í ṣe tiwa, ẹ má sanwó fún un o! Ẹ tẹ Follow.

Ẹ ó wá rí agogo kékeré lókè, lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tan Posts àti Stories, kó lè máa ta yín lólobó. Ẹ má fo Stories: ibẹ̀ la ń gbé ọjà ẹ̀dínwó sí, wákàtí 24 péré ló sì ń lò.

Aṣọ tó bá wù yín, ẹ tẹ àmì tó dà bíi ríbọ́nù lábẹ́ àwòrán rẹ̀, lápá ọ̀tún. Ó ti wọ Saved nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rí i, àní ọkọ ilé pàápàá. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kàn fi hàn wá. Ṣùgbọ́n fífi àwòrán pamọ́ ò dá ọjà dúró o, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó la ó gé e fún.