Àbá Ìṣúná Ilé Ìwòsàn Wa fún Ọdún 2026

Sí: Dókítà àti ìgbìmọ̀ alákòóso
Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé owó, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé rìsíìtì ọdún yìí ni mo fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ohun tí ọkàn wa ń fẹ́.

Owó tí yóò wọlé
Aláìsàn 20 lójúmọ́, ọjọ́ 310, ₦5,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦34,100,000
Ìgbẹ̀bí 96, ₦60,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦5,760,000
Ẹ yọ gbèsè tí kò ní wọlé, 10 nínú 100: ₦3,986,000
Adójútòfò ìlera, ₦200,000 lóṣù: ₦1,800,000
Àpapọ̀: ₦37,674,000

Oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo kà fún adójútòfò, nítorí owó wọn kì í tètè dé. Ní ti gbèsè, abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóru, a ò ní ní kó lọ wá owó kí a tó fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ wá lówó, ìgbà kaṣú ni wọ́n máa ń san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi sún ọjà oògùn ńlá sí oṣù kẹta.

Oògùn àti ohun èlò: ₦11,800,000
Kí a fi ₦4,500,000 ra oògùn ibà, ohun èlò àyẹ̀wò ibà àti omi dírípù ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Ìyókù, kí a máa rà á díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́dún yìí a kó oògùn ikọ́ ọmọdé jọ, ó sì bàjẹ́ sórí pẹpẹ.

Owó oṣù: ₦16,320,000
Dókítà ₦350,000, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, ₦150,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ lábù ₦120,000, olùtọ́jú oògùn ₦110,000, àwọn méjì nídìí káàdì, ₦85,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ, ₦80,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦1,360,000. Kò sí àfikún owó oṣù lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì ò ní dunnú sí i.

Àtúnṣe àti iná: ₦6,000,000
Bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀, lítà 240 lóṣù ní ₦950: ₦2,736,000
Owó iná: ₦900,000
Bátìrì ìnfátà: ₦1,600,000
Òrùlé, omi àti jẹnẹrétọ̀: ₦764,000

Ẹnìkan yóò ní kí a yọ bátìrì kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ọksitósìn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Bí iná bá lọ di ọ̀la, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti dín, àfi ìgbà tí a bá gún un.

Ìwé àṣẹ, ìdọ̀tí abẹ́rẹ́, ìwé káàdì: ₦1,200,000

Gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦35,320,000; ₦2,354,000 ló ṣẹ́kù. Ẹ má jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án kí oṣù kẹsàn-án tó parí, nítorí owó adójútòfò lè tún pẹ́ jù. Mo ń retí ìbuwọ́lù yín kí oṣù Kejìlá tó parí.