Àpẹẹrẹ aláìsàn mẹ́ta fún ìdánwò pàjáwìrì

Inú àkọsílẹ̀ kíláàsì la ti yọ ọ́. Àròsọ ni àwọn aláìsàn náà. Ẹ bo ìdáhùn. Ẹ kọ àìsàn mẹ́ta tó lè jẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àti ohun tó takò ó. Èsì àkọ́kọ́ tó bá ọkàn wa mu ló sábà máa ń ṣì wá lọ́nà, nítorí náà a fi irú èsì bẹ́ẹ̀ sínú wọn.

Aláìsàn kìíní

Àgbẹ̀ ni, ẹni ọdún 34, láti oko iṣu kan lẹ́bàá Ìyàrá. Ejò bù ú jẹ ní ẹsẹ̀ òsì ní wákàtí 5 sẹ́yìn. Kò rí i dáadáa. Wọ́n fi okùn di itan rẹ̀, wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ sójú ibẹ̀. Ẹsẹ̀ wú dé orúnkún. Ojú gbẹ́rẹ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, èrìgì náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìṣọ̀n ń lù ní 108 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá jẹ́ 110 lórí 70. Ìpéńpéjú kò wálẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara.

*Ìbéèrè:* Irú oró wo ni? Àyẹ̀wò wo lẹ máa ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

*Ìdáhùn:* Ẹnikẹ́ni kò sín gbẹ́rẹ́ sí èrìgì. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló fi hàn pé oró ti ba dídì ẹ̀jẹ̀ jẹ́ káàkiri ara. Oró tó ń mú iṣan rọ ì bá ti mú ìpéńpéjú wálẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa, paramọ́lẹ̀ kékeré tí à ń pè ní Ẹ́kíìsì ló kọ́kọ́ yẹ kó wá sọ́kàn.

Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2 sínú ìgò àyẹ̀wò tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ gbé e dúró, ẹ má mì í. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gíláàsì, torí gíláàsì ló ń ru dídì ẹ̀jẹ̀ sókè. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gíláàsì tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ náà sì lè tàn yín. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le sínú irú ìgò kan náà. Bí ti ẹni náà kò bá dì, ìgò ló bàjẹ́.

*Èsì:* Ti aláìsàn ń ṣàn bí omi. Ti arákùnrin rẹ̀ dì.

*Ìbéèrè:* Kí ló kàn?

*Ìdáhùn:* Apa-oró ejò tó bá Ẹ́kíìsì mu, gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí ó tó wọlé, adirẹnalíìnì mílígíráàmù 0.5 ti wà nínú síríǹjì, nítorí ara lè kọ oògùn náà lójijì. Ẹ tú okùn lẹ́yìn tí apa-oró bá ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dúró títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa dì. Ẹni tó bá kọ pé omi ẹ̀jẹ̀ tútù lẹ máa kọ́kọ́ fà sí i lára ti ṣì í: oró yóò jẹ ìyẹn náà tán. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe ní wákàtí 6, torí ẹ̀dọ̀ nílò àkókò láti ṣe èròjà dídì tuntun. Bí kò bá tíì dì, ẹ tún apa-oró fún un. Ìwọ̀n ti ọmọdé kò kéré sí ti àgbà: iye oró kan náà ni ejò tú sílẹ̀.

Aláìsàn kejì

Ọmọ ọdún 3 láti Mọ́pà, kìlógíráàmù 12. Ibà fún ọjọ́ 2, gìrì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, kò jí láti wákàtí kan sẹ́yìn. Ara rẹ̀ gbóná dé 39.4°C, ọrùn rọ̀. Tẹ́ẹ̀sì ibà jẹ́ pọ́sítíìfù. Súgà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 28 nínú desílítà kan.

*Ìbéèrè:* Ṣé ibà tó wọ ọpọlọ ni?

*Ìdáhùn:* Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Súgà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú: dẹkisitirósì 10%, mílílítà 5 fún kìlógíráàmù kan, ìyẹn 60. Lẹ́yìn èyí, bó jí bí kò jí, atẹsunéètì mílígíráàmù 3 fún kìlógíráàmù, ìyẹn 36, ní wákàtí 0, 12 àti 24. Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè wa ní kòkòrò ibà lára láìṣe òun ló dá wọn dùbúlẹ̀. Ọrùn tó rọ̀ kò sì yọ àrùn awọ ọpọlọ kúrò nínú ọmọ tó dákú. Ẹ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí mímí bá ń ṣẹ́ tàbí ẹyin ojú kò bá dọ́gba, ẹ sún un síwájú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹfitirayasónì lójú ẹsẹ̀.

Aláìsàn kẹta

Obìnrin ẹni ọdún 26, ọlọ́jà ní Kàbà. Wọ́n ti ń tọ́jú tífọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ọjọ́ 4 nítorí tẹ́ẹ̀sì Wídààlì. Ìsàlẹ̀ inú ń ro ó, èjìká ọ̀tún náà ń ro ó, ó ṣubú lulẹ̀ nígbà tó dìde. Ara rẹ̀ jẹ́ 36.6°C, ìṣọ̀n 126, ìfúnpá 84 lórí 50, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 33%. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 7 tó ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn.

*Ìbéèrè:* Àyẹ̀wò wo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì ń ṣe é?

*Ìdáhùn:* Tẹ́ẹ̀sì oyún nínú ìtọ̀. Oyún inú tíúbù tó ti bẹ́ ni títí a ó fi rí ohun tó takò ó. Ẹ̀jẹ̀ inú ikùn tó ń ta iṣan mímí tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ro èjìká. Kí 33% má tàn yín: bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í tíì lọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ omi méjì tó fẹ̀ nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, tíátà. Ẹ má rán an lọ ṣe sikánì ní ìlú mìíràn.